Àtẹ owó ojú-ewé mẹ́sàn-án, ọmọ ẹgbẹ́ 164: nọ́ńbà wo ni kí n gbé síwájú wọn?

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Àkúrẹ́. Ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wa: oníṣu, aláṣọ, ẹlẹ́ja, àwọn tó ń ta ata àti elùbọ́. Ìpàdé ọdún wa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀dítọ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti kó ìwé fún wa: ojú-ewé mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kún un bámúbámú.

Lọ́dún tó kọjá, akápò wa dìde, ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà á. Kó tó dé ìdajì, àwọn kan ti ń tòògbé, àwọn kan ń ka owó ọjà wọn lábẹ́ ìbòrùn. Nígbà tó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde: "Ṣé owó wa pé?" Alága ní ó pé. A jẹun, a túká. Owó náà pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ìdáhùn tí ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ò pé máa fún èèyàn náà nìyẹn.

Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ lọ́dún yìí. Ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí màmá tí kò kàwé rí lè gbé e délé kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Èyí tó ṣe kókó nínú ìwé náà rèé:

Owó tó wà lọ́wọ́ àwọn tó yá owó: ₦31,200,000
Owó tó wà ní báńkì àti lọ́wọ́ akápò: ₦4,250,000
Èlé tó yẹ kó ti wọlé tí kò tíì wọlé: ₦2,150,000
Kánọ́pì àti àga tí a fi ń háyà: ₦2,400,000
Gbogbo rẹ̀ papọ̀: ₦40,000,000

Owó ìpamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ₦32,000,000. Èrè ọdún yìí jẹ́ ₦2,800,000. Ìgbìmọ̀ fẹ́ pín ₦5 lórí ₦100 ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, màá fi àwọ̀ mèremère sí i, màá fi àwọn ìlà tí kò pọn dandan pamọ́ kó lè wọ ojú-ewé kan, ẹ ó sì fi sórí Wasáàpù ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ rí i dáadáa, wọ́n á fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Àbúrò mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìwé náà tóbi ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí ó bá wọ ojú-ewé kan, nọ́ńbà tí kò yé wọn náà ló ṣì máa wà níbẹ̀. Ó ju ìdajì wa lọ tó jẹ́ fóònù kékeré tí kò gba Wasáàpù ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Nọ́ńbà méjì péré ni kí ẹ sọ, ọ̀rẹ́ mi. Àkọ́kọ́, èrè: "A jèrè mílíọ̀nù mẹ́ta ó dín díẹ̀." Ìkejì, owó báńkì: "Mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló wà nílẹ̀." Ẹ má ka kọ́bọ̀, ẹ má ka ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ kó wọn papọ̀ sí mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá ka ìwé.

Bí wọ́n bá béèrè gbèsè, mélòó ni owó oṣooṣù tí àwọn èèyàn jẹ tí wọn ò san?

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

₦1,180,000 ni gbogbo owó oṣooṣù tí wọn ò san lásìkò.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ẹ ò ri pé kò tó nǹkan. Ẹ fi ₦31,200,000 pín in: kò tó ₦4 nínú ₦100. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ìyá Ọba-Ilé

Akọ̀wé, ọmọ mi, mo kí ọ. Iṣẹ́ ìwé owó ni mo fi ọdún 31 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó nínú ìpàdé bí èyí tó pọ̀. Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, o gba ọ̀rọ̀ kan sọ: kí a kó nọ́ńbà papọ̀, kí a jù kọ́bọ̀ nù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjì tí o mú yẹn lè fa ìjà, ₦4 tí o ṣírò sì máa tan àwọn èèyàn jẹ. Màá dé orí ìyẹn.

Akọ̀wé, gbé ìwé ọ̀dítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀dítọ̀ kọ ọ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kà, bó sì ṣe to àwọn nǹkan tẹ̀ léra kì í ṣe bí ọlọ́jà ṣe ń rò ó. Wo ohun tí màmá oníṣu gbé wá láti ilé lọ́kàn. Nǹkan mẹ́ta ni. Owó mi, níbo ló wà báyìí? Èyí tí a yá èèyàn, ṣé yóò padà? Kí ló kàn mí lọ́dún yìí, ṣé ó sì ti wà nílẹ̀ lóòótọ́? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà tí kò bá dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, fi í sínú ìwé, má gbé e sẹ́nu.

Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, sọ gbogbo ₦40,000,000 náà di ₦100 kan. Nínú ₦100 yẹn, ₦78 wà lọ́wọ́ àwọn tó yá owó, ₦11 wà ní báńkì àti lọ́wọ́ akápò, ₦6 wà lára kánọ́pì àti àga, ₦5 sì jẹ́ èlé tí a ṣì ń retí. Kò sí ẹni tó máa rántí mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé igba ẹgbẹ̀rún tó bá délé, ṣùgbọ́n yóò rántí ₦78 nínú ₦100. Tí o bá ti kó wọn papọ̀ báyìí, tún wọn rò pọ̀ kí o lè mọ̀ pé wọ́n pé ₦100. Nígbà mìíràn wọ́n á di ₦99 tàbí ₦101, ọmọ ilé-ìwé kan nínú ìjókòó sì máa rí i.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo máa ń jókòó sílẹ̀ gbọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò kàwé púpọ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo ti wà rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n dìde níwájú wa, wọ́n ní a jèrè mílíọ̀nù mẹ́rin. A pàtẹ́wọ́, àwọn kan jó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ gba ìpín wa, wọ́n ní owó ò tíì sí ní báńkì. Kí ni mílíọ̀nù mẹ́rin tí ẹ sọ? Wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ìpamọ́ wọn jáde, èmi náà kó tèmi. Ẹgbẹ́ náà ò tún gbérí mọ́. Wọn ò jalè o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló bà á jẹ́.

Ìyá Ọba-Ilé

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ohun tí mo pè ní nọ́ńbà tó ń fa ìjà nìyẹn. Ọ̀dítọ̀ máa ń ka èlé sí èrè ní ọjọ́ tó yẹ kó wọlé, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹja mọ èrè sí owó tó wà nínú àpò ìdí rẹ̀.

Akọ̀wé, wo ìwé ti ọdún tó ṣáájú. Èlé tí kò tíì wọlé nígbà náà, mélòó ni?

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

₦600,000 ni mà. Ojú-ewé karùn-ún ni mo ti rí i.

Ìyá Ọba-Ilé

Ó dáa. Ó ti di ₦2,150,000 báyìí, ìyẹn ni pé ó fi ₦1,550,000 lé sí i. Nínú èrè ₦2,800,000 tí ìwé sọ, ₦1,550,000 ò tíì dé. Èyí tó dé jẹ́ ₦1,250,000. Má ṣe yọ gbogbo ₦2,150,000 náà o, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe nìyẹn. ₦600,000 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú èrè ọdún àtijọ́ ni wọ́n ti kà á.

Wàyí o, ẹ ní ẹ fẹ́ pín ₦5 lórí ₦100. Lórí ₦32,000,000, ₦1,600,000 nìyẹn. Owó tó dé lọ́wọ́ yín nínú èrè ò tó bẹ́ẹ̀. Níbo ni ìyókù ti máa wá? Inú owó ìpamọ́ ni. Ẹ ó mú owó màmá oníṣu, ẹ ó fún un ní èrè lára owó ara rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Màmá, mo júbà, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ fò. Ọ̀dítọ̀ máa ń yọ owó gbígbó kánọ́pì àti àga kúrò nínú èrè lọ́dọọdún. Owó yẹn ò jáde ní báńkì, ìwé nìkan ló ti jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹ tó sọ pé iye báyìí ló dé. Akọ̀wé, mélòó ni wọ́n yọ?

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

₦240,000.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ó ti di ₦1,490,000 nìyẹn, kì í ṣe ₦1,250,000.

Ìyá Ọba-Ilé

Òótọ́ ni, o gbà mí níbẹ̀, mo gbà. ₦1,490,000. Ṣùgbọ́n ó ṣì dín sí ₦1,600,000. ₦4 lórí ₦100 máa jẹ́ ₦1,280,000, ìyẹn wọ inú rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin èrè, ó kéré tán, wọ owó àpamọ́ ẹgbẹ́. ₦700,000 nìyẹn, ó ku ₦2,100,000 tí òfin gbà pé ẹ lè ṣe nǹkan sí. Ibi tí àwọn ìgbìmọ̀ máa ń ṣìnà sí nìyí: òfin ní ẹ lè pín tó mílíọ̀nù méjì, owó tó wà nílẹ̀ ní rárá. Ìgbìmọ̀ yín ló máa pinnu, kì í ṣe èmi.

Nínú ìpàdé, má ṣe fa gbogbo ìṣirò yìí jáde. Gbólóhùn kan tó: "Nínú èrè ọdún yìí, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó ti dé sí wa lọ́wọ́, ìyókù ṣì wà lọ́rùn àwọn tó yá owó." Mo ṣírò rẹ̀, ₦1,490,000 nínú ₦2,800,000 jẹ́ ₦53 nínú ₦100.

Àgbẹ̀ Kòkó Ìdànrè

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò sí nínú alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó la wà lọ́hùn-ún, a jọ ń tà papọ̀ ni. Àwa ò lo ₦100, nítorí pé àgbẹ̀ kì í fi náírà ronú, àpò kòkó ló fi ń ronú. Àpò mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Akọ̀wé wa máa ń sọ pé: "Nínú àpò mẹ́rìndínlógún, owó ọkọ̀ àti alábàárù jẹ àpò kan, owó oògùn jẹ àpò méjì." Kíá ló ń yé wa. Baba kan tiẹ̀ dìde lọ́dún kan, ó ní kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń jẹ odindi àpò. Nígbà tí wọ́n ń kà á ní náírà, kò sí ẹni tó bi wọ́n rí.

Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni pé iye owó kòkó ń yí padà. Ọkọ̀ tó jẹ àpò kan lọ́dún tí kòkó wọ́n lè jẹ àpò méjì lọ́dún tó bá wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ náà ò fi kọ́bọ̀ kan lé. Àwọn èèyàn á rò pé awakọ̀ ló ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ bá mi dá sí i, kí la lè ṣe?

Ìyá Ọba-Ilé

Baba, àpò yín dára púpọ̀ fún ọdún kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọdún méjì wé ara wọn, ẹ ní láti sọ iye tí wọ́n ń ra àpò kan ní ọdún kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan náà, tàbí kí ẹ padà sí náírà fún ìfiwéra yẹn nìkan. Mi ò mọ ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ. Bóyá ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé, jẹ́ ká padà sí ₦4 inú ₦100. Mú èèyàn kan tó yá ₦600,000 tó fẹ́ fi oṣù méjìlá san án, ₦50,000 lóṣù. Ó san oṣù mẹ́rin, kò san oṣù karùn-ún, kò san ìkẹfà. Tí a bá ka owó tí kò san lásìkò nìkan, ₦100,000 ni. Ṣùgbọ́n mélòó lo ń bẹ̀rù rẹ̀? ₦400,000 ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò rí ti oṣù karùn-ún san, kí ló fi dá wa lójú pé yóò rí ti oṣù kọkànlá san? Gbogbo ₦400,000 ló yẹ ká kà.

Nítorí náà, wo orúkọ gbogbo ẹni tó ti kọjá oṣù kan tí kò san, kí o ka gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ wọn. Má ka èyí tí wọ́n fò nìkan.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Mo ti mọ̀ ọ́n! Bí iṣu ni. Tí mo bá ra iṣu tí mo tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀ níbì kan, ṣé ibi tó rọ̀ yẹn nìkan ni mo ń bẹ̀rù? Gbogbo iṣu náà ni mo máa yà sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní kà á mọ́ àwọn tó le títí màá fi gé e.

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn 96 ló yá owó. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mi ò fi ní máa fi ẹ̀rọ ìṣirò rò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo ti tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Owó tó kù lọ́wọ́ wọn wà ní òpó E, iye ọjọ́ tí wọ́n ti fi pẹ́ wà ní òpó F.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ó ti wá yé mi báyìí mà. Orúkọ àkọ́kọ́ wà ní ìlà kejì, àbí? Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ló máa parí sí. Ẹ tẹ èyí sí ibi tó ṣófo:

```
=SUMIF(F2:F97,">30",E2:E97)
```

Ẹ tún tẹ èyí láti mọ iye èèyàn:

```
=COUNTIF(F2:F97,">30")
```

Ẹ rí i pé nọ́ńbà lásán ló wà ní òpó F. Tí ẹ bá kọ "ọjọ́ 45" síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní kà á, kò sì ní sọ fún yín pé òun fò ó.

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Ó ṣiṣẹ́. Mo rí méjì tí mo kọ "ọjọ́" sí, mo tún wọn ṣe. Ó gbé ₦6,240,000 jáde, èèyàn 19. Mo fi ₦31,200,000 pín in: ₦20 nínú ₦100. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Láti ₦4 di ₦20.

Ti ọdún tó ṣáájú náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ọ̀nà kan náà ṣe é: ₦3,120,000 nínú ₦26,000,000. ₦12 ni nígbà náà.

Ìyá Ọba-Ilé

₦12 di ₦20. Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé rẹ nìyẹn, kò sì sí nínú àwọn tó wà lójú-ewé kìíní. Máa sọ méjèèjì papọ̀, nítorí pé ₦20 nìkan ò jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá a ń gòkè tàbí a ń sọ̀kalẹ̀. Wò ó pẹ̀lú pé èlé tí kò wọlé náà fò sókè lọ́dún kan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn èèyàn kan náà.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Mo gbà pé ìṣirò mi kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín o. Tí ẹ bá dìde níwájú ọlọ́jà 164 tí ẹ ní ìdá kan nínú márùn-ún owó tí a yá èèyàn ti ń mì, ṣé wọn ò ní sáré lọ báńkì lọ́jọ́ Ajé? ₦4,250,000 ló wà nílẹ̀, ìpamọ́ jẹ́ ₦32,000,000. ₦13 péré ló wà fún ₦100 ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo èèyàn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn.

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti dàrú. Màmá ní ₦11 ló wà ní báńkì nínú ₦100, ẹ̀yin ní ₦13. Èwo ni òtítọ́?

Ìyá Ọba-Ilé

Méjèèjì ni. Mo fi gbogbo owó ẹgbẹ́ pín in, òun fi ìpamọ́ nìkan pín in. Bí ó ṣe dà ọ́ rú, ìwọ tí o ń wo ìwé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa da ìpàdé rú jù. Mú ọ̀kan ṣoṣo. ₦100 tí o bá fi bẹ̀rẹ̀ ni kí o fi parí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Tí o bá máa sọ ti gbèsè, kọ́kọ́ sọ ọ́ kedere pé "nínú ₦100 tí a yá èèyàn", kí o sì yí àmì padà pátápátá. Lo iṣu Ìyá Ẹlẹ́ja níbẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ₦100 ti àkọ́kọ́ ló ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀rù tí Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún ń bà, mi ò lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n sọ òtítọ́ tí àwọn èèyàn sì dúró, mo ti rí ibi tí wọ́n sá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbi tí wọ́n dúró sí, alága ti mú ohun tí wọ́n máa ṣe sí gbèsè náà dání kó tó sọ nọ́ńbà.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹni tó fi pamọ́ fún mi ni mo sá fún. Ẹni tó sọ fún mi, màá dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ẹ̀yin nìyẹn, ìyá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ọba-Ilé

Ohun kan tó kù, Akọ̀wé. Kó o tó lọ, fi pẹ́ńsù kọ ojú-ewé àti ìlà tí o ti mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tìrẹ. Ti gbèsè ò sí lójú-ewé kankan, inú orúkọ àwọn tó yá owó lo ti rò ó jáde, nítorí náà tẹ orúkọ náà dání láìgbé e síta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "Níbo lẹ ti rí i?", kí o lè ṣí i láàárín ìṣẹ́jú kan.

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìpàdé ti kọjá, ọjọ́ Àbámẹ́ta la ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Ìgbìmọ̀ jókòó títí di aago mẹ́wàá alẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti ₦5 sí ₦4, kì í ṣe gbogbo wọn ló dùn mọ́. Wọ́n tún fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ ju oṣù kan lọ ò ní rí owó yá mọ́ títí yóò fi san, àti pé àwọn oníduúró wọn máa gba lẹ́tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ̀rọ̀. Mo kọ ₦78, ₦11, ₦6, ₦5 sórí páálí pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Lẹ́yìn náà mo to iṣu mẹ́wàá sórí tábìlì, ọ̀kan nínú àwọn oníṣu wa ló yá mi. Mo ní gbogbo owó tí a yá èèyàn nìyí. Mo gbé méjì sọ́tọ̀. Mo ní wọn ò jẹrà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rọ̀ níbì kan, a ò sì tíì gé wọn. Mo ní lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ó lé díẹ̀ ni. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń ka owó lábẹ́ ìbòrùn.

Mo wá sọ ti èrè. Màmá aláṣọ kan ní, "Nítorí náà ₦4 yìí, ṣé ó wà nílẹ̀?" Mo ní ó wà. Mo ṣí ìwé, mo fi han ọmọ rẹ̀ tó bá a wá. Ẹni tó ní ₦200,000 nípamọ́ máa gba ₦8,000. Wọ́n ṣírò tiwọn lẹ́nu níbẹ̀, ariwo sọ. Àwọn bíi mẹ́wàá bínú pé ₦5 ni wọ́n ti ń gbọ́ ní ọjà. Láti ọjọ́ Ajé títí di òní, èèyàn mẹ́ta ló ti wá gba ìpamọ́ wọn jáde. Méjì nínú wọn ní owó ilé-ìwé ni. Ẹ̀kẹta ò sọ ìdí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo wá béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta elùbọ́, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní ìpàdé, na ìka sí iṣu méjì yẹn. Ó ní, "Akọ̀wé, nínú méjì yìí, èwo ni ti ẹ̀yin ìgbìmọ̀?"

Mi ò ní nọ́ńbà náà. Mo sọ fún un pé màá wá a. Mo délé, mo rò ó: ₦1,560,000 nínú ₦6,240,000 wà lọ́wọ́ ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀. Ààbọ̀ iṣu kan.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ẹ má sọ ọ́ níta. Èèyàn méjì péré, gbogbo ọjà á mọ̀ wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n san án ná.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ìyá yẹn ti béèrè ní gbangba. Ẹ ti ní ẹ máa wá a fún un.

Ìyá Ọba-Ilé

Iye owó ni kí o sọ, má sọ orúkọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé níbi tí ìgbìmọ̀ bá kéré, iye owó àti orúkọ súnmọ́ ara wọn. Ìgbìmọ̀ yín jẹ́ èèyàn mélòó?

Akọ̀wé Ọjà Àkúrẹ́

Méje ni wá, mà. Ọjọ́rú la máa jókòó lé e lórí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí màá gbé lọ.